Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́yìn Oyún Tí Ó Wálẹ̀: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Ó Rí, Àti Àwọn Àmì Ewu Inú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ ní Ṣómólú àti Bárígà

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, ìbéèrè kan wà tí àwọn Alfa máa ń gbọ́ lemọ́lemọ́. Obìnrin kan yóò rán ọkọ rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ wá, wọn yóò ní: "Alfa, oyún ìyàwó wálẹ̀ ní ìjẹta, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Ṣé kí ó máa kírun ni, àbí kí ó dúró?" Ìbéèrè tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sábà béèrè: báwo ni ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń dà? Ìbéèrè àkọ́kọ́ dá lórí ìjọsìn obìnrin náà. Ìkejì dá lórí ẹ̀mí rẹ̀. Ohun kan náà ni a sì fi ń dáhùn méjèèjì, èyíinì ni kí obìnrin ka ọjọ́, kí ó sì máa wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Obìnrin Mùsùlùmí ti mọ ọjọ́ kà láti ìgbà tí ó ti bàlágà, nítorí ìrun àti àwẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ òní yóò fi bí kíkà yẹn ṣe lè gba ẹ̀mí là hàn.

Kí oyún wálẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Nínú ọgọ́rùn-ún oyún tí obìnrin mọ̀ pé òun ní, bí mẹ́wàá sí ogún ni ó máa ń wálẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù sì máa ń jẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé àṣìṣe ti wà nínú ìpìlẹ̀ ọmọ náà láti ọjọ́ tí ó ti di oyún. Kì í ṣe ẹrù tí ìyá gbé ni ó fà á, kì í sì í ṣe orogún ni ó ṣe é. Ní ti oyún tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́, ìdájọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀sìn wà nínú ìwé àwọn onímọ̀, ó sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni o, bí wọ́n ṣẹ́ ẹ ni o, ilé ọmọ kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ewu kan náà ni.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ILÉ ỌMỌ

Nígbà tí obìnrin bá lóyún, ara inú ilé ọmọ rẹ̀ á nípọn, ẹ̀jẹ̀ á sì pọ̀ níbẹ̀, kí oyún lè rí oúnjẹ jẹ. Ibi ọmọ á so mọ́ ara ògiri náà, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò sì ṣí sínú rẹ̀. Bí oyún bá wálẹ̀, ibi ọmọ ni ó já kúrò lára ògiri, ojú ibi tí ó ti já yóò sì dà bí ojú egbò. Ohun tí ó ń dí àwọn iṣan wọ̀nyẹn ni kí ilé ọmọ fúnra rẹ̀ súnkì, kí ó fún wọn pa. Ìfúnpọ̀ yìí ni obìnrin ń mọ̀ gẹ́gẹ́ bí inú rírun.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà nìyí. Bí ilé ọmọ bá ti ṣófo pátápátá, ó lè súnkì dáadáa, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa dín kù lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ ibi ọmọ kan bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀, kò ní lè pa ẹnu dé. Bí ènìyàn bá ki igi bọ ẹnu ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò ní tì. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà, ohun tí ó ṣẹ́kù náà yóò sì di oúnjẹ fún kòkòrò àrùn. Nítorí náà, kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ń dà ni ó yẹ kí ó dẹ́rù bani, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ dà. Ohun tí a ó máa ṣọ́ ni bóyá ó ń dín kù tàbí ó ń pọ̀ sí i.

ÀPẸẸRẸ OBÌNRIN KAN LÁTI ỌJỌ́ KÌÍNÍ

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin kan, aránṣọ ní Bárígà, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Oyún rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Kí ó tó di ọ̀gànjọ́, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà ju ti nǹkan oṣù lọ, ó ń wá pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dídì, ó sì rí ìṣù kan tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ lásán. Fún bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni ó fi le bẹ́ẹ̀, tí ó ń pààrọ̀ páàdì ní bíi wákàtí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí ìṣù náà ti jáde, inú rírun rọ̀, ẹ̀jẹ̀ náà sì rọlẹ̀. Ní òwúrọ̀, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ilé ọmọ ti ṣófo. Ó ní kí ó padà sílé, kí ó sì máa ṣọ́ ara rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ẹ̀jẹ̀ náà rí gẹ́gẹ́ bí ti nǹkan oṣù, ó sì ń lo páàdì mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó dín kù, àwọ̀ rẹ̀ sì ń ṣókùnkùn bí omi kọfí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé omi gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ pupa tún yọ díẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó sinmi, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti dá. Èyí kì í ṣe ewu, nítorí pé iṣẹ́ líle lè mú kí ìyókù ẹ̀jẹ̀ jáde, bí ó bá ti lè dá pẹ̀lú ìsinmi. Ní ọjọ́ kejìlá, kò rí nǹkankan mọ́. Ó wẹ̀, ó sì ń bá ìrun rẹ̀ lọ.

Bí ó ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ obìnrin nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń gbà lẹ́yìn oyún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ fa ilé ọmọ mọ́ ní ilé ìwòsàn, ó lè máà tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ àbàwọ́n lásán. Bí ó bá jẹ́ oògùn ni wọ́n fi mú un jáde, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lè máa yọ títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èyí kò burú bí ó bá ti ń dín kù, tí kò rùn, tí ibà kò sì sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣì ń yọ, kí ó padà lọ fi ara rẹ̀ han ilé ìwòsàn, bí kò tilẹ̀ pọ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni obìnrin wa yìí sì ṣe dáadáa. Páàdì ni ó lò, kò ki òwú tàbí ohunkóhun sí ojú ara. Omi lásán ni ó fi ń wẹ òde, kò da ọṣẹ, oògùn tàbí omi gbígbóná sínú. Ọkọ rẹ̀ kò sì sún mọ́ ọn títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ìdí ni pé ẹnu ilé ọmọ ṣì ṣí sílẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, ohunkóhun tí ó bá wọlé lè mú àrùn dání. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ wo bí ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ fún yín nígbà ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ṣe bá ohun tí dókítà ń sọ mu.

ẸNI TÍ Ó Ń BÉÈRÈ NÍPA ÌRUN

Ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ fi ìyàtọ̀ sí: ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù, tí Lárúbáwá ń pè ní háídì, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ, tí wọ́n ń pè ní nífáàsì, àti ẹ̀jẹ̀ àìsàn, tí wọ́n ń pè ní ìsìtìháádà. Méjì àkọ́kọ́ ni ó ń dá ìrun àti àwẹ̀ dúró. Ẹ̀jẹ̀ àìsàn kò dá a dúró. Obìnrin yóò fọ ara rẹ̀, yóò di ara rẹ̀ dáadáa, yóò ṣe àlùwàlá, yóò sì kírun, gẹ́gẹ́ bí Ànábì, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, ti ṣàlàyé fún Fáátímà ọmọ Abuu Hubayiṣi, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá.

Ní ti oyún tí ó wálẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó gbajúmọ̀. Àwọn tí ó ń tẹ̀lé Imaamu Maaliki, tí í ṣe ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé-kéwú ilẹ̀ Yorùbá fi kọ́ àwọn ọmọ, sọ pé ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ni, bí oyún náà tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì lásán. Àwọn onímọ̀ mìíràn, pàápàá àwọn tí ó ń tẹ̀lé Imaamu Ahmad, sọ pé ó di ìgbà tí ohun tí ó jáde bá ti ní àwòrán ènìyàn, bí orí tàbí ọwọ́. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ kí oyún tó pé ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó sì sábà máa ń hàn ní bí àádọ́rùn-ún ọjọ́. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìbímọ lọ́dọ̀ wọn. Oyún aránṣọ wa jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, èyíinì ni àádọ́rin ọjọ́, nítorí náà ìdáhùn tí yóò gbà yóò yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ó ń tẹ̀lé. Kí ó bi Alfa rẹ̀, kí ó sì sọ iye ọ̀sẹ̀ oyún náà àti ohun tí ó rí fún un, nítorí pé láìsí méjèèjì, Alfa kò lè dáhùn.

Ibi kan wà tí àṣìṣe ti máa ń wáyé, ó sì léwu. Ìwé Risaala tí Ibin Abii Sayidi kọ, tí púpọ̀ nínú yín kà ní ilé-kéwú, fi ọgọ́ta ọjọ́ sí òpin ẹ̀jẹ̀ ìbímọ. Àwọn mìíràn fi ogójì ọjọ́ sí i. Àwọn obìnrin kan gbọ́ èyí, wọ́n sì rò pé ó túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ lè dà fún ogójì tàbí ọgọ́ta ọjọ́ kí ó má sì burú. Rárá o. Òpin tí ìrun lè fi dúró ni àwọn onímọ̀ ń sọ, kì í ṣe iye ọjọ́ tí ara lè fara dà á. Bákan náà, kì í ṣe dandan kí a pé e. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dá ní ọjọ́ kejìlá ti mọ́ ní ọjọ́ kejìlá. Kí ó wẹ̀, kí ó sì kírun. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà gidigidi ní ọjọ́ ogún kò gbọdọ̀ jókòó máa dúró de ogójì, dókítà ni kí ó tètè lọ bá.

BÍ NǸKAN OṢÙ ṢE Ń PADÀ

Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti dá, obìnrin yóò máa retí nǹkan oṣù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ni ó sábà máa ń gbà, láti ọjọ́ tí oyún wálẹ̀. Ti aránṣọ wa dé ní ọjọ́ kejìdínlógójì. Ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú sì run ún díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹfà ó ti dá. Kí àkọ́kọ́ yìí yàtọ̀ sí bí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe àrùn. Oṣù kejì tàbí ìkẹta ni ọ̀pọ̀ máa ń padà sí bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà níbí tí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ kò mọ̀. Ẹyin obìnrin ni ó ń kọ́kọ́ jáde, nǹkan oṣù sì ń tẹ̀lé e ní bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn oyún tí ó wálẹ̀, ẹyin yìí lè jáde láàárín ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, nínú ọ̀pọ̀ obìnrin sì ni ó máa ń jáde kí oṣù kan tó pé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé obìnrin lè tún lóyún kí ó tó rí nǹkan oṣù kankan. Àwọn tọkọtaya tí ó ń sọ pé "kò tíì rí nǹkan oṣù, kò lè lóyún" ń tan ara wọn jẹ ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ oyún mìíràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ń padà sún mọ́ ara ni kí wọ́n ti bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá tí nǹkan oṣù kò dé, kí obìnrin lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó lè jẹ́ pé ó ti lóyún mìíràn. Ó lè jẹ́ pé nǹkan ṣẹ́kù nínú. Bí wọ́n bá sì fi irin ha ilé ọmọ rẹ̀, tí inú ń run ún lóṣooṣù ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ kò jáde tàbí tí ó jẹ́ ẹ̀kán díẹ̀, ó lè jẹ́ pé ojú egbò ti lẹ̀ mọ́ra nínú ilé ọmọ. Ó yẹ kí dókítà tètè mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó ṣeé tọ́jú, bẹ́ẹ̀ sì ni ó lè dí ọmọ bíbí lọ́wọ́ bí a bá fi sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àyẹ̀wò oyún tí a ń fi ìtọ̀ ṣe. Ohun tí àyẹ̀wò náà ń wá kì í kúrò nínú ara lọ́jọ́ kan, ó lè wà níbẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nítorí náà, kí ó fi hàn pé oyún wà ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí oyún wálẹ̀ kò túmọ̀ sí nǹkankan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì fi oyún hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí èébì àti ọyàn wíwú kò lọ, síkáànù ni ó kù.

ÀPẸẸRẸ KEJÌ, ÀTI ÀWỌN ÀMÌ EWU

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹlòmíràn, ọmọbìnrin kan tí kò tíì lọ́kọ, tí ó ń gbé ní agbègbè kan náà. Ó ra oògùn ní kẹ́míìsì, ó sì lò ó ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀jẹ̀ dà, ó sì rò pé ó ti parí. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dín kù. Ní ọjọ́ keje, dípò kí ó dá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, òórùn rẹ̀ sì yí padà. Ní alẹ́, òtútù ń mú un, ara rẹ̀ sì gbóná. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ra kápúsù Ampikilọ́ọ̀sì mẹ́rin, ó sì mu àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ilé ọmọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, nígbà tí ó dìde láti tọ̀, òòyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú. Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ tó mọ̀.

Láti ọjọ́ keje ni àmì ti wà. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dín kù kò yẹ kí ó padà máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Èyí ń sọ pé nǹkan ṣẹ́kù. Òórùn burúkú àti ibà ń sọ pé kòkòrò ti wọ ohun tí ó ṣẹ́kù náà. Kápúsù mẹ́rin kò lè ṣe é. Oògùn apakòkòrò kì í kó ìṣù tí ó wà nínú ilé ọmọ jáde, kápúsù díẹ̀ kò sì tó láti pa kòkòrò náà. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó rọ ibà lójú fún ọjọ́ kan, kí ọmọ náà rò pé ara ti ń yá, nígbà tí oró ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, àwọn àmì tí ó gbọ́dọ̀ gbé obìnrin dìde lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an, bí ó jẹ́ ọ̀sán tàbí òru, ni ìwọ̀nyí.

Èkíní ni ẹ̀jẹ̀ tí ó pọ̀ jù. Òṣùwọ̀n rẹ̀ rọrùn: bí páàdì ńlá méjì bá kún láti iwájú dé ẹ̀yìn láàárín wákàtí kan, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì tẹ̀léra, ó ti kọjá ohun tí a ń wò nílé. Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ dídì tí ó tóbi ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ, tí ó ń jáde léraléra. Ẹni tí ó ń lo àkísà kò ní rí òṣùwọ̀n yìí kà. Kí a wá páàdì fún un.

Èkejì ni òòyì, dídákú, kí ọkàn máa sáré, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tutù, kí ètè àti àtẹ́lẹwọ́ funfun. Èyí ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ti lọ pọ̀, bí páàdì kò tilẹ̀ fi hàn.

Ẹ̀kẹta ni ibà tí ó tó méjìdínlógójì lórí ìwọ̀n ara gbígbóná, tàbí òtútù tí ó ń gbọn ènìyàn, tàbí omi ojú ara tí ó ń rùn. Ní àdúgbò wa, ibà ni a kọ́kọ́ ń pe gbogbo ara gbígbóná, a ó sì ra oògùn ibà. Obìnrin tí oyún rẹ̀ wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú ibà fún òun láìjẹ́ pé ó sọ ti oyún náà.

Ẹ̀kẹrin ni inú rírun tí ó ń le sí i dípò kí ó rọ̀, tí oògùn ìrora kò sì ràn. Bí ó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ó ń ta dé èjìká, tí obìnrin sì ń dákú, ẹ sáré. Ó lè jẹ́ pé ìta ilé ọmọ ni oyún náà wà, tí ó ti bẹ́ sínú ikùn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni ó lè yọ sí ìta nígbà tí inú ikùn ń kún. Ẹni tí ó lo oògùn ìkọ̀kọ̀ láìṣe síkáànù kò lè mọ̀ bóyá irú oyún yìí ni òun ní.

IBI TÍ A Ó GBÉ E LỌ, ÀTI OHUN TÍ WỌN YÓÒ ṢE

Láti Ṣómólú àti Bárígà, Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Gbàgádà kò jìnnà, Ọsibítù Ìkọ́ni ti Yunifásítì Èkó sì wà ní Ìdí-Àràbà. Kí ìdílé ti pinnu ọ̀nà àti ọkọ̀ kí òru tó dé, nítorí pé sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojú Ọ̀nà Ìkòròdú kì í dúró de aláìsàn. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iye ọ̀sẹ̀ oyún, iye páàdì, àti oògùn yòówù tí ó ti lò sínú ìwé kékeré kan, kí wọ́n sì mú un dání.

Níbẹ̀, wọn yóò wo ìfúnpá rẹ̀ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó tó, àti irú ẹ̀jẹ̀ tí ó jẹ́. Wọn yóò fi omi sí i lára, wọn yóò sì fún un ní ẹ̀jẹ̀ bí ó bá yẹ. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù, wọ́n lè fún un ní oògùn tí yóò mú kí ilé ọmọ súnkì, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kékeré fà á jáde, èyí tí kì í sábà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí àrùn bá ti wọ̀ ọ́, abẹ́rẹ́ apakòkòrò tí ó tó ni wọn yóò fún un. Ọmọbìnrin inú àpẹẹrẹ kejì gba gbogbo èyí ní ọjọ́ kẹsàn-án. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ keje ni, ó ṣeé ṣe kí ó padà sílé ní ọjọ́ kan náà.

Ohun tí ó dì í mú ni ìtìjú àti ẹ̀rù ọlọ́pàá. Lóòótọ́, òfin Ìpínlẹ̀ Èkó kò fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ àyàfi nítorí ẹ̀mí tàbí ìlera ìyá. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí dókítà má tọ́jú obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ìtọ́jú tí ẹni tí oyún rẹ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gbà náà ni wọn yóò fún un, òtítọ́ tí ó bá sì sọ nípa oògùn tí ó lò ni yóò ran dókítà lọ́wọ́. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti Ilé-iṣẹ́ Gọ́tímákà ti Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2012, nǹkan bí 212,000 obìnrin ni a tọ́jú ní Nàìjíríà nítorí ewu oyún tí a ṣẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí 285,000 mìíràn wà tí nǹkan ti bàjẹ́ lára wọn tí wọn kò rí ìtọ́jú tí wọ́n nílò gbà. Àwọn tí kò rí ìtọ́jú pọ̀ ju àwọn tí ó rí i lọ.

Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ yín bá ní òtútù ń mú òun, tí ẹ sì rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "ta ni ó ṣe é fún ọ?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni "ọjọ́ mélòó ni ó ti ń dà, ṣé ó ń dín kù?" Ìbáwí lè dúró di ọ̀la, ẹ̀jẹ̀ kì í dúró. Nínú Suuratul-Maaida, Ọlọ́hun fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ó gba ẹ̀mí kan là dà bí ẹni tí ó gba gbogbo ènìyàn là. Kò yọ ọmọ tí ó ṣẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn tí ó ń sunkún oyún ní ìtùnú, kí Ó fi rere dípò rẹ̀ fún wọn, kí Ó sì forí jì wá lápapọ̀. Àmín.